Láti Ojú Gọ́tà Dé Ẹnu Ọmọ

Ọkùnrin náà máa ń jẹ àkàrà nínú kíláàsì. Àkàrà kò ṣe mí ní nǹkan kan, mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ìka tó mú àkàrà ṣí ìwé, tó tọ́ ìka náà lá kí ojú ìwé lè ṣí, tó sì tún fi ìka kan náà mú àkàrà mìíràn, ẹ jọ̀wọ́, kí ni a ó pe irú rẹ̀? Etí ìwé rẹ̀ ti rin fún epo, ó ti dà bí ìwé tí wọ́n fi di àkàrà gan-an. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì fi èmi sí lórí bẹ́ǹṣì.

Kíláàsì àwa àgbà ni mo ń sọ. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Amúkokò ni a ti ń ṣe é, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, láti aago mẹ́ta tí àwọn ọmọdé bá ti lọ tán. Bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé náà ni a ń jókòó lé, tí orúnkún wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Fèrèsé kọjú sí gọ́tà. Tí oòrùn bá ti wọ inú gọ́tà yẹn, òórùn tó ń ti ibẹ̀ jáde kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ọkùnrin yìí á wá ha ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, á dìde, á tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ gba ojú fèrèsé sínú gọ́tà náà, á jókòó, á sì mú àkàrà rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí, mo ti rí ohun tó pọ̀, síbẹ̀ ó máa ń rìn mí lára.

Iṣẹ́ kílíáríǹsì ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ní Wọ́ọ̀fù Róòdù, ó máa ń bá àwọn tó kó ẹrù wọlé sáré ìwé kiri ọ́fíìsì. Ó ka ìwé mẹ́fà nígbà kan rí, ó gbàgbé Yorùbá kíkọ, ló bá wá kọ́ ọ padà. Ọwọ́ rẹ̀ dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Tó bá kọ lẹ́tà kan sílẹ̀, á dúró bí ọmọ ológun. Ìdí nìyẹn tí gbogbo kíláàsì fi ń wo ẹnu rẹ̀. Bàbá ni wọ́n ń pè é. Èmi, Ìyá Oníṣàkì ni ó ń pè mí, kò sì pè é bí ẹni pe oyè.

Òótọ́ ni, ṣàkì ni mo fọ̀ jẹun. Nígbà tí àwọn tó ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá ṣì pọ̀ bí eéṣú, obìnrin kan ń se ọbẹ̀ pẹ́pẹ̀súùpù fún wọn lẹ́bàá Kíríìkì Róòdù, èmi ni mo ń bá a fọ ẹran inú: ṣàkì, ìfun, fùkù, gbogbo rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo ti gbọn ìgbẹ́ màlúù kúrò nínú ìfun ju bí mo ti gbọn aṣọ lọ. Ẹni tó bá ní ojú ń tì mí nítorí rẹ̀, irọ́ ló ń pa. Ohun tí iṣẹ́ yẹn kọ́ mi ni pé ẹ̀gbin ní ọ̀nà tí ó ń gbà. Tí o bá mọ ọ̀nà rẹ̀, wàá lé e jáde. Tí o kò bá mọ̀ ọ́n, wàá kàn máa fi ọwọ́ pa á káàkiri ni.

Olùkọ́ wa kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó lè jẹ́ ọmọ ọmọ mi. Á kúnlẹ̀ kí gbogbo wa níkọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n tó bá ti dìde nílẹ̀ tán, olùkọ́ nìyẹn, kò sí ti pé mo dàgbà mọ́. Òfin rẹ̀ kan le: ẹni tó bá féèlì ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì á fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, nítorí àwọn tó ń dúró láti wọlé pọ̀, bẹ́ǹṣì kò sì tó. Mo ti féèlì ti lẹ́tà kíkọ. Ó ku ẹyọ kan. Ìdánwò tó kàn ni èyí tí mo fẹ́ sọ, tí mo bá féèlì rẹ̀, ó parí.

N kò sì fẹ́ kó parí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ di akọ̀wé. Ọkọ mi ni ó fà á. Atukọ̀ ojú omi ni. Ní ọdún tí àbígbẹ̀yìn mi ń rákò, lẹ́tà rẹ̀ kan dé láti òkè òkun. Mo gbé e lọ bá akọ̀wé kan tó máa ń jókòó pẹ̀lú táípù rẹ̀ lábẹ́ igi ní Wọ́ọ̀fù Róòdù, kí ó bá mi kà á. Ó kà á. Ó ní ọkọ mi kí mi, ó kí àwọn ọmọ, ó ti ra aṣọ, ó ra àwo tánńganran, ó ń bọ̀. Ó ní ní ìparí ó sọ pé otútù ń mú òun díẹ̀. Mo dúpẹ́, mo lọ sílé, mo ń retí àwo tánńganran. Àwo kò dé, ọkọ mi kò dé. Ẹ̀yìn ọdún mẹ́fà ni ọmọ mi obìnrin tó ti ń lọ sílé ìwé ṣí àpótí, tó ka lẹ́tà náà jáde fún mi. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ ni pé, "Ara mi kò yá rárá, ẹ̀jẹ̀ ni mò ń tú lẹ́nu." Ìlà kejì: "Lọ bá wọn ní ọ́fíìsì ọkọ̀ kí wọ́n gbé mi wálé." Aṣọ àti àwo, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n wà. Akọ̀wé yẹn kò fi ọ̀rọ̀ kún un tó bẹ́ẹ̀. Ó kàn tò ó bí yóò ti dùn létí obìnrin tó gbọ́mọ pọ̀n ni, ó sì fi omi là á díẹ̀. Ibi tí wọ́n sin ọkọ mi sí, n kò lè pe orúkọ ìlú náà títí dòní.

Nítorí náà, mo fẹ́ máa fi ojú ara mi ka nǹkan, láti òkè wá sílẹ̀, bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe kọ ọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, olùkọ́ kọ ewì kan sójú pátákó. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ó ní lójú fèrèsé kíláàsì yìí gan-an ni òun ti rí i. Báyìí ló lọ:

Ẹnu ọ̀nà mi, omi dúdú.
Lórí omi dúdú, ọ̀rá funfun.
Nínú ọ̀rá funfun, eku tó wú.
Lára eku tó wú, eṣinṣin aláwọ̀ ewé.
Eṣinṣin gbéra, ó di ojú fèrèsé.
Lójú fèrèsé, àwo ògì.
Létí àwo ògì, ṣíbí.
Lẹ́yìn ṣíbí, ẹnu ọmọ tó là.

Gbogbo wa kà á tẹ̀lé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wá ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ ó sọ ewì yìí di ọ̀rọ̀ geere. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo. Ewì máa ń gé ìlà, ọ̀rọ̀ geere kì í gé e, á lọ títí dé etí ìwé kó tó bọ́ sílẹ̀. Ewì lè fi ọ̀rọ̀ méjì ṣe ìlà kan láìsí ọ̀rọ̀ ìṣe. Nínú ọ̀rọ̀ geere, gbólóhùn gbọ́dọ̀ délé: ta ni, kí ló ṣe, níbo ló wà. Ẹ lè fi 'tí,' ẹ lè fi 'sì,' ẹ lè fi 'níbi tí' so ó pọ̀. Ohun tí ewì pè lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lè pè é lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n àwọn àwòrán inú rẹ̀, bí wọ́n ṣe tẹ̀léra ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀léra. Ẹ má yọ ọ̀kan, ẹ má fi ọ̀kan kún un."

Ó ní lónìí, ní mẹ́ta-mẹ́ta, kí a gbìyànjú rẹ̀ wò. Ní Ọjọ́bọ̀, oníkálukú á kọ tirẹ̀ fún máàkì.

Èmi, Bàbá, àti obìnrin kan tó ń ránṣọ ní Ajégúnlẹ̀ ni a bọ́ sí ẹgbẹ́ kan. Ilé ọkọ Yorùbá ni obìnrin náà wà, Píjìn ló fi dàgbà, ìyẹn ló ṣe wá kọ́ Yorùbá. Kí n tó fi gíláàsì sójú, Bàbá ti mú bírò.

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú," ó ní. "Irú èyí la fi ń jẹ búrẹ́dì ní Sítáńdáàdì Síìsì." Ó fi ọwọ́ nu ẹnu. Ó kọ ọ́ tán, ó sì kà á sókè kí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn lè gbọ́:

"Ọmọ kan la ẹnu rẹ̀. Ó ní ṣíbí àti àwo ògì tó dára lójú fèrèsé. Eṣinṣin aláwọ̀ ewé kan gbéra lójú fèrèsé náà, ó fò lọ bá eku kan tó wú nínú ọ̀rá funfun, lórí omi dúdú, níwájú ẹnu ọ̀nà. Nítorí náà, ó yẹ kí a máa tọ́jú àyíká wa."

Ó gbé àkàrà sẹ́nu bó ti parí. Àwọn tó wà lẹ́yìn pàtẹ́wọ́.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ti kọ ọ́ sódì."

"Sódì báwo? Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ kà á: ọmọ, ṣíbí, ògì, eṣinṣin, eku. Èwo ló sọnù?"

"Kò sọnù. Ẹ̀yìn ló fi ń rìn."

"Ìyá Oníṣàkì," ó ní, "ṣé ẹnu ọ̀nà ilé yín, ẹ̀gbin ni ẹ máa ń kó síbẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ gbàlejò? Ohun tó mọ́ la fi ń ṣíwájú ọ̀rọ̀. A kì í fi eku kí ènìyàn."

Obìnrin aránṣọ fi igúnpá tì mí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ ti Bàbá. Baba handwriting fine well well. Àbí ẹ fẹ́ kí a féèlì ni?"

"Eṣinṣin ọ̀hún," mo ní, "nínú ti Bàbá, ara ògì ló ti gbéra lọ bá eku. Ṣé ògì ló fẹ́ fi sọ eku di aláìsàn ni?"

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu kíá.

Bàbá wò mí. "Ẹ̀yin tí ẹ ti fi orí bọ inú ìfun màlúù láti àárọ̀ ọjọ́, kò yẹ kó yà mí lẹ́nu pé ìdọ̀tí lẹ fẹ́ kọ́kọ́ rí. Bírò nìyí. Ẹ kọ tiyín."

Ó na bírò náà sí mi. Ó ń yọ̀ nítorí epo. Mo yọ tèmi láti inú báàgì.

Ó pẹ́ kí n tó kọ ọ́ tán. Lẹ́tà mi kì í dúró bí ọmọ ológun, ó máa ń dùbúlẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, mo kọ omi dúdú, mo kọ ọ̀rá funfun. Nígbà tí mo dé ibi eku, ọwọ́ mi dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Èmi tí mo fọ ìfun fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, n kò lè wo eku tó wú. Ẹran màlúù, ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo mọ ibi tí wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n eku tó wú yẹn, tí irun rẹ̀ ti ń já, tí ikùn rẹ̀ ń dán bí bàlúùnù ọmọdé, ojú ni mo máa ń gbé kúrò lára rẹ̀. Mo fò ó. Mo kọ ọ̀rá funfun, mo kọ eṣinṣin tẹ̀lé e, mo ń bá a lọ títí dé ẹnu ọmọ. Mo rò pé ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀.

Olùkọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ó mú ti Bàbá, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Ọwọ́ yín dára, Bàbá." Kò sọ ju ìyẹn lọ. Bàbá fẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ó mú tèmi, ó fi ìka tẹ̀lé ìlà mi. Ó tẹ̀ sí mi létí.

"Màmá, eṣinṣin yìí, kí ló bà lé tẹ́lẹ̀ kó tó gbéra?"

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìlà náà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọjá lọ sí bẹ́ǹṣì mìíràn.

Kí a tó ṣíwọ́ lọ́jọ́ yẹn, gbogbo kíláàsì ti kọ ti Bàbá sínú ìwé àjákọ wọn. Wọ́n ní ohun tí olùkọ́ yìn, òun ni kí ènìyàn há sórí fún Ọjọ́bọ̀. Obìnrin aránṣọ náà kọ ọ́. Ó ní, "Màmá, mo ti fún yín ní àyè, ẹ wá kọ ọ́." Bàbá ń na ìwé rẹ̀ sí wọn lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹni ń pín ìwé pélébé, òórùn àkàrà ń jáde lára ìwé náà.

Mo mú un. Ẹ má bínú sí mi. Mo mú ìwé ọlọ́ràá yẹn, mo sì da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ. Mo ro bẹ́ǹṣì tí mo ń jókòó lé, mo ro àwọn tó ń dúró níta, mo ní bóyá èmi ni mo gọ̀. Ọwọ́ mi rùn fún òróró títí mo fi délé, mo sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́rú ni ó yí ọ̀rọ̀ náà padà, kì í ṣe ìwé ni ó yí i padà.

Àwọn oníbàárà mi kan ṣì ń bẹ̀ mí kí n bá wọn fọ ṣàkì bí ayẹyẹ bá wà. Lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé agbada méjì wá láti ilé kan. Ìyàwó ọmọ ọmọ mi, tó ń gbé ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ olóṣù mẹ́sàn-án, ní òun á bá mi fọ ọ̀kan. Mo fi í sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo lọ ra ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Kí n tó padà, ó ti da omi gbígbóná sí i.

Òórùn rẹ̀ ló wá pàdé mi lọ́nà. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ọ rí, n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún un. Ìgbẹ́ tó ti se, tó wọ inú ẹran lọ, tó dì mọ́ ọn.

"Màmá, gbogbo ohun tí ẹ ní kí n lò ni mo lò!" ni ìyàwó náà ń pariwo. "Omi gbígbóná nìyí, iyọ̀ nìyí, ọ̀bẹ nìyí. Mo ṣì máa gbọ̀n ọ́n, mo máa ha á."

"Ìwọ ọmọ yìí," mo ní, "àwọn ohun tí o lò kọ́ ni mo bi ọ́. Èwo lo kọ́kọ́ ṣe?"

Ẹni tó bá ń fọ ṣàkì, á kọ́kọ́ gbọn ìgbẹ́ dànù, á yí inú rẹ̀ síta, á fi omi tútù ṣàn án, á fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Ìgbà náà ni omi gbígbóná tó kàn, kí awọ dúdú ara rẹ̀ lè bó tí a bá fi ọ̀bẹ ha á. Tí omi gbígbóná bá ṣíwájú, ara ẹran á pa ìgbẹ́ mọ́ra. Kò sí ọsàn wẹ́wẹ́ tó lè yọ ọ́ jáde mọ́. Omi náà ni, iyọ̀ náà ni, ṣàkì náà ni, ọwọ́ náà ni. Mo ha á fún wákàtí méjì, mo fi álọ́ọ̀mù sí i, mo tún se é. Mo bu díẹ̀ sẹ́nu, mo tu ú dànù. Mo ní kí ìyàwó náà lọ sọ fún ẹni tó ni ṣàkì pé a ó ra òmíràn fún un.

Mo jókòó lórí àpótí, òórùn yẹn wà lára mi, nínú irun mi. Ibẹ̀ ni mo ti rántí Bàbá àti ìwé rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, èwo ló sọnù? Mo rántí akọ̀wé abẹ́ igi. Òun náà, ká ní mo bi í, ohun tí ì bá sọ nìyẹn: gbogbo rẹ̀ ni mo kà fún ọ, Ìyá, èwo ló sọnù? Ìríra tó kọlù mí lórí àpótí yẹn kì í ṣe ti ṣàkì nìkan. Mo kórìíra wọn, àwọn tó ń fi omi gbígbóná sí nǹkan kí wọ́n tó gbọn ìgbẹ́ inú rẹ̀, tí wọ́n wá ń pè é ní ọ̀rọ̀ dídùn.

Mo ya ojú ìwé tí mo ti da ti Bàbá kọ, mo fi dáná.

Ṣùgbọ́n tèmi ńkọ́? Èmi náà fo eku. Tí mo bá bínú sí akọ̀wé, mo gbọ́dọ̀ bínú sí ara mi, nítorí òun náà, nígbà tó dé ibi ẹ̀jẹ̀ ẹnu, ó fò ó. Bóyá òun náà kò lè wò ó ni. N kò dárí jì í o. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, a jókòó jìnnà síra wa díẹ̀, ìwé kọ̀ọ̀kan, bírò kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ ti nu pátákó, ó sì tún ewì náà kọ. Mo ń gbọ́ bí bírò àwọn yòókù ṣe ń sáré, wọ́n ti há a sórí. Tèmi ń fẹsẹ̀ wọ́. Nígbà tí mo dé ibi eku, mo dìde, mo lọ sójú fèrèsé, mo wo inú gọ́tà. Olùkọ́ ní, "Màmá, ṣé kò sí?" Mo ní kò sí. Ohun tí mo rí níbẹ̀, n kò nílò láti sọ ọ́. Mo padà jókòó, mo kọ eku, mo kọ pé ó wú. Itọ́ kún mi lẹ́nu, mo gbé e mì.

Lẹ́yìn tí olùkọ́ ti fi ìlàjì wákàtí máàkì gbogbo rẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀, ó dìde pẹ̀lú ìwé méjì lọ́wọ́. Bàbá ti ṣí àkàrà ọjọ́ náà. Ó ní òun kò lè fi ebi dúró de èsì.

Olùkọ́ kọ́kọ́ ka ti Bàbá. Àwọn ènìyàn ń mi orí, kálukú ń gbọ́ tirẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bàbá ń jẹun lọ ní tirẹ̀, ó ń fi àkàrà lu ìlù lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí olùkọ́ dé "ó yẹ kí a máa tọ́jú àyíká wa," Bàbá ní "Hẹ̀n-ẹ́n!" ó sì bu òmíràn.

Olùkọ́ gbé ìwé náà kalẹ̀. Ó mú ìwé kejì. Mo mọ̀ ọ́n nípa bí ó ṣe rún. Ó kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́:

"Níwájú ẹnu ọ̀nà mi ni omi dúdú wà, ọ̀rá funfun kan sì léfòó lórí rẹ̀. Nínú ọ̀rá náà ni eku kan wà tó ti wú, eṣinṣin aláwọ̀ ewé sì bà lé e lára. Eṣinṣin náà gbéra, ó fò wá sójú fèrèsé, níbi tí àwo ògì kan wà. Ṣíbí wà létí àwo náà, lẹ́yìn ṣíbí sì ni ẹnu ọmọ tó là sílẹ̀ wà."

Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Obìnrin aránṣọ ní, "Jésù," ó sì dé ìgò omi rẹ̀. Ẹnì kan lẹ́yìn ń pòṣé léraléra. Mo wo Bàbá. Ẹnu rẹ̀ kún, ṣùgbọ́n àgbọ̀n rẹ̀ kò lọ mọ́. Eṣinṣin kan, irú èyí tó ń dán yẹn, ti ojú fèrèsé wọlé, ó rìn lórí ìwé àkàrà rẹ̀, ó gun àkàrà tó kù. Bàbá ń wò ó. Ó wo fèrèsé tí ó ti máa ń tutọ́. Ó tún wo àkàrà.

"Ìyá Oníṣàkì," ó ní, "ẹ ti ba oúnjẹ jẹ́ mọ́ mi lẹ́nu."

"Èmi kọ́," mo ní. "Ó ti pẹ́ tí eṣinṣin ti ń bà lé e. Ẹ̀yin ni ẹ kà á láti ẹ̀yìn."

Ẹ̀rín ta lórí gbogbo bẹ́ǹṣì. Olùkọ́ pàápàá yí ojú sí pátákó.

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní ti Bàbá kò yọ àwòrán kankan, gbólóhùn rẹ̀ délé, ọwọ́ rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà tí ewì náà gbà ni ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀, ó sì ti dá ọ̀nà náà padà sẹ́yìn. Ó ní gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kò sí nínú ewì, ẹni tó bá ti ka ti omi dé ẹnu ọmọ kò nílò ẹni tí yóò tún sọ fún un pé kó tọ́jú àyíká. Bàbá kò yege, àwọn tó da tirẹ̀ kọ náà kò yege, pẹ̀lú obìnrin aránṣọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ àkọ́kọ́ fún gbogbo wọn, kò lé wọn jáde.

Tèmi yege. Ó gé mi ní máàkì mẹ́rin, mo gbàgbé láti fi àmì ìsàlẹ̀ sára "ṣíbí" àti "ọ̀rá," mo sì kọ "léfòó" ní "lefo." Ó ní kí n kọ wọ́n ní ìgbà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Mo kọ wọ́n.

Bàbá di àkàrà tó kù mọ́nú ìwé rẹ̀, ó dìde, ó ń lọ sójú fèrèsé.

"Bàbá!" ni olùkọ́ pè é.

Ó dúró. Ó wo gọ́tà náà fún ìgbà pípẹ́, àkàrà ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé e padà wá, ó fi í sínú báàgì rẹ̀, ó ha ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, kò sì rí ibi tí yóò tu ú sí. Ó gbé e mì. Mo rí i bó ṣe gbé e mì, mo sì yí ojú kúrò.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó ọmọ ọmọ mi ti gbé ògì ọmọ sójú fèrèsé kó lè tutù, bó ti máa ń ṣe lójoojúmọ́. Mo gbé àwo náà kúrò níbẹ̀. Mo wá ìdérí fún un.